Erédò Súngbọ́ àti Iya Bìní: báwo ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, ta ló sì ń ṣọ́ ọ?

Tíṣà_Ìkòròdú
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Mo dé Òkè-Èrí, mo wọ inú yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Erédò Súngbọ́, mo gbójú sókè, igi kò jẹ́ kí n rí ojú ọ̀run dáadáa. Wọ́n ní láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó wà lápá inú, àwọn ibì kan tó mítà 20, àti pé gbogbo rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́: nígbà tó jẹ́ ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní, báwo ni erùpẹ̀ ṣe ń ti ìsàlẹ̀ yẹn dé òkè? Èkejì: ta ló ń ṣọ́ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Òkèérí
Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ìyá wa Bílíkísù Súngbọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Opó olówó ni, kò bímọ, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun má parẹ́ láyé. Àwọn ẹrú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Òun náà ni Ayaba Ṣébà tó lọ kí Ọba Sólómọ́nì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá sí ibojì rẹ̀ lọ́dọọdún títí di òní. Ní ti ìṣọ́, omi ló kún inú yàrà yẹn yí ká láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ ogun sì dúró lórí òkìtì pẹ̀lú ọfà. Kò sí ọ̀tá tó lè gba ibẹ̀.

Awakànga
Èmi kò mọ ìtàn o, kànga ni mo ń gbẹ́, iṣẹ́ tí bàbá mi kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, mo lè sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀.

Ilẹ̀ pupa tó ní yangí nínú dára láti gbẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tí o bá gé e gbọọrọ, ó máa dúró. Tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá wá kàn án fún ìgbà díẹ̀, ojú ibi tí o gé yóò le sí i. Mo ti gbẹ́ kànga nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a kò fi òrùka kọnkéré sí rárá, tó sì wà níbẹ̀. Iyanrìn ni wàhálà. Iyanrìn kò ní kí o parí kó tó wó.

Ibi tí agbára ń lọ kì í ṣe gbígbẹ́, gbígbé sókè ni. Tí ihò kò bá tíì ga ju èjìká lọ, o máa fi ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì ju erùpẹ̀ sókè tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá jù ú, orí ara rẹ ni yóò padà sí. Nínú kànga, okùn àti korobá ló kù. Ṣùgbọ́n yàrà kò há bíi kànga. Bó bá jẹ́ èmi, màá fi àtẹ̀gùn ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ẹni tó wà nísàlẹ̀ á bu sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e fún ẹni tó dúró lórí àtẹ̀gùn, ìyẹn á gbé e fún ẹni tó wà lókè rẹ̀, títí dé orí òkìtì. Bí a bá sì parí, a ó gé àwọn àtẹ̀gùn náà dànù bí a ṣe ń jáde bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n gòkè mọ́.

Ohun kan ló ń rú mi lójú. Àwa kì í kó erùpẹ̀ jọ sí ẹnu kànga, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ihò wó lu ẹni tó wà nínú. Àwọn wọ̀nyí sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí etí yàrà gan-an. Báwo ni kò ṣe ya lù wọ́n?

Ìyá_Awalẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́, Awakànga. Ohun tí ẹ sọ nípa yangí yẹn ló fà á tí ògiri Erédò fi ń dán títí di òní ní àwọn ibi tí gbòǹgbò igi kò tíì ya á. Iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti dúró nínú kòtò tí a gé gba àárín irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń hàn níbẹ̀, torí ó dáhùn ìdajì ìbéèrè Tíṣà.

Bí a bá gé òkìtì láti orí dé ìdí, ilẹ̀ á hàn ní ìpele-ìpele, ṣùgbọ́n ó dojú dé. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ òkìtì, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ dà síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó jìn jù lọ ló wà lórí, torí òun ni wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn. Èyí ló fi hàn pé inú yàrà náà ni erùpẹ̀ òkìtì ti wá, pé wọn kò lọ kó o láti ibòmíràn. Mítà 20 tí wọ́n ń sọ kì í ṣe jíjìn yàrà nìkan nígbà náà. Ihò ni apá kan, òkìtì ni apá kejì. Gbogbo apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá gbé jáde ń ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì: ó mú ihò jìn, ó sì mú òkìtì ga.

Ní ti pé kó ya lulẹ̀, ó ya. Ìdí yàrà àtijọ́ la ti máa ń rí i: erùpẹ̀ àdàlù tó ṣubú láti ẹ̀gbẹ́ kí ewé àti ẹrẹ̀ òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ tí Tíṣà dúró lé lórí kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí àwọn tó gbẹ́ ẹ dúró lé. Ó ti kún díẹ̀, òkìtì náà sì ti wálẹ̀ díẹ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gbà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí kò sí òjò tí yóò rọ ẹ̀gbẹ́ ihò, tí iṣẹ́ oko sì fúyẹ́.

Ọmọ wa láti Òkè-Èrí, mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Súngbọ́, ìtàn pé opó olówó tí kò bímọ ni, ìtàn ìlú yín ni, ẹ sì gbọdọ̀ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n Ayaba Ṣébà kò bá a mu. Sólómọ́nì ti wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gé Erédò láìpẹ́ yìí tí wọ́n sì yẹ èédú ibẹ̀ wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àárín ọdún 1370 sí 1420 lẹ́yìn tí wọ́n bí Jésù ni ó bọ́ sí. Patrick Darling, tó rìn ín yí ká ní àwọn ọdún 1990, ti rò ó sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ó jìnnà sí Sólómọ́nì.

Ọmọ_Òkèérí
Ìyá wa, mo gbọ́, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ibi mélòó ni wọ́n gé nínú kìlómítà 160? Tí wọ́n bá gé ibì kan, tí èédú ibẹ̀ sì sọ pé 1400, ṣé ìyẹn sọ fún wa nígbà tí wọ́n gbẹ́ ti Òkè-Èrí? Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ayé kan kó sì parí ní ayé mìíràn.

Ìyá_Awalẹ̀
Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ibi díẹ̀ ni wọ́n tíì gé. Èédú tó wà lábẹ́ òkìtì ń sọ fún wa pé òkìtì náà kò lè dàgbà ju èédú yẹn lọ, níbi tí a ti rí i. Kò sọ nǹkan kan nípa ibi tó jìnnà sí i ní ọgbọ̀n kìlómítà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n so àwọn yàrà kéékèèké tó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ ni. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ìran kan tàbí méjì ni, torí bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ jọra láti ibì kan dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi kòtò kankan hàn yín tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tí ẹ sọ ní òtítọ́ nínú, àmọ́ kì í ṣe yí ká. Wọ́n gbẹ́ títí wọ́n fi kan amọ̀ tàbí omi, kí ìsàlẹ̀ lè di ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ á rì sí. Ní ilẹ̀ àbàtà, wọ́n máa ń kan án kíákíá, wọ́n á sì dúró, kódà bí kò bá ju mítà kan péré lọ. Lórí òkè, wọ́n ní láti lọ jìn. Ìdí nìyẹn tí jíjìn rẹ̀ kò fi dọ́gba rárá. Bí ẹ bá ń rìn ín tí ẹ rí i pé ó di kékeré lójijì, ẹ wo ilẹ̀ tó yí yín ká kí ẹ tó sọ pé wọ́n rẹ̀ níbẹ̀. Àbàtà ló sábà máa ń jẹ́.

Ilé_àti_Ilẹ̀
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo rí ilẹ̀ kan rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú yàrà báyìí, ẹni tó ń tà á ní yàrà náà á jẹ́ fẹ́ǹsì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, omi òjò á sì máa wọ inú rẹ̀. Mélòó ni mítà tó yẹ kí ilé mi fi jìnnà sí i? Ṣé mo lè gé àwọn igi yẹn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé?

Awakànga
Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà la ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ẹ má ra á. Gbòǹgbò igi yẹn ló di ẹ̀gbẹ́ yàrà mú. Ọjọ́ tí ẹ bá gé wọn ni omi òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ ilé yín. Tí ẹ bá tún wá darí omi àgbàlá sínú rẹ̀, yóò yára sí i.

Ìyá_Awalẹ̀
Mo fi kún un: ohun àtijọ́ tí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO láti ọdún 1995 ni. Ẹni tó ń tà á fún yín kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ṣe fẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀dó_Nílé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Bìní ni mí, ìyá mi ni Yorùbá. Ẹ máà jẹ́ kó jẹ́ Ìjẹ̀bú nìkan la ó máa sọ. Àwa ń pe yàrà àti òkìtì tiwa ní Iya. Àwọn àgbà wa sọ pé Ọba Oguola ló gbẹ́ ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, nítorí ogun Akpanigiakon tó jẹ́ aláṣẹ Udo. Ọba Ewuare ló wá gbẹ́ èyí tó wà nínú pátápátá ní nǹkan bí ọdún 1440 síwájú. Ẹnu-ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sí i.

Awalẹ̀pìtàn kan, Graham Connah, gé èyí tó wà nínú yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, nígbà tó ṣì wà ní tuntun, á tó mítà 17 ó lé díẹ̀. Yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.6. Ó wá ṣe ìṣirò pé bí wọ́n bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, èèyàn 5,000 ni yóò máa ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọjọ́ 97. Èèyàn 5,000! Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á.

Tíṣà_Ìkòròdú
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé ìṣirò yẹn wọ kíláàsì lónìí, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ rí.

5,000 lọ́nà 97 lọ́nà wákàtí 10 jẹ́ wákàtí 4,850,000. Tí a bá pín in sí mítà 11,600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 418 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ yóò lo ọjọ́ 42 lórí mítà kan ṣoṣo. Mo wá ní kí wọ́n pín àwọn èèyàn náà sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ kan á parí mítà kan ní ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀, ní ọjọ́ 97 á parí nǹkan bíi mítà 23. Ẹgbẹ́ 500 ló máa wà, 500 lọ́nà 23 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa dé 11,600.

Nígbà tí mo rí mítà 23 yẹn ni ẹ̀rù kúrò lára mi. Kì í ṣe iṣẹ́ òmìrán mọ́. Èèyàn mẹ́wàá, ibi tó gùn tó yàrá ìkàwé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí wọ́n bá pín in fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan tàbí ìletò kọ̀ọ̀kan, tí olórí kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, mo rí bó ṣe lè ṣeé ṣe.

Awakànga
Tíṣà, ìṣirò yín dára, àmọ́ wákàtí tí wọ́n lò nísàlẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú tòkè. Mítà méjì àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́wàá á fò ó kọjá. Mítà méjì tó kẹ́yìn, ẹni méjì péré ló ń gbẹ́, àwọn tó kù ń gbé apẹ̀rẹ̀ ni, torí erùpẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ yàrà lọ sí orí òkìtì tó ti ga. Ìyẹn ni pé bí ìsàlẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni orí ń lọ sókè, ọ̀nà apẹ̀rẹ̀ sì ń gùn lẹ́ẹ̀méjì. Ẹgbẹ́ tó bá ní ẹni mẹ́fà nìkan kò ní parí ìsàlẹ̀ yẹn kí òjò tó dé. Ibẹ̀ ni mo rò pé olórí iṣẹ́ á ti máa gba èèyàn láti ẹgbẹ́ tó ti parí fún ẹgbẹ́ tó ń ṣubú sẹ́yìn.

Ìyá_Awalẹ̀
Ọ̀rọ̀ yín wọlé, Awakànga. Ó sì ràn wá lọ́wọ́ lórí ohun kan: àyè tí a bá ti rí i pé òkìtì rẹlẹ̀ tí yàrà sì pẹ́ẹ́rẹ́ láàárín méjì tó jìn, tí kò sì sí àbàtà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan tí kò parí tirẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ẹnu-ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Mà á padà sórí bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀.

Àmọ́ ẹ má fi ìṣirò Bìní ṣe ti Erédò. Iya inú Bìní, odi ìlú ni. Ó yí ààfin àti ilé ọba àti àwọn àdúgbò ká, àwọn èèyàn sún mọ́ ọn, wọ́n lè sáré dé orí rẹ̀. Erédò yí orílẹ̀ kan ká, ìlú àti oko àti igbó. Nígbà tí Tíṣà béèrè pé ta ló ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dé.

Ọmọ_Òkèérí
Àwọn ọmọ ogun Awùjalẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, Ìyá wa. Ta ló tún kù?

Ìyá_Awalẹ̀
Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Bí a bá fi ẹnì kan sí mítà márùn-ún márùn-ún lórí kìlómítà 160, èèyàn 32,000 ni, lójúmọ́, lálẹ́, láìsí ẹni tó máa rọ́pò wọn. Ta ni yóò máa dáko? Nítorí náà, mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni dúró lórí òkìtì yẹn yí ká rí. Kì í ṣe ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣọ́, ó ń lé gbogbo èèyàn sí àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n lè gbà wọlé.

Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ kan tó wá kó èèyàn lẹ́rú. Wọ́n lè wọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà lálẹ́, kí wọ́n sì gun òkè inú pẹ̀lú wàhálà. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n á ṣe mú ogún ènìyàn tí wọ́n ti dè padà sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tún gun apá kejì, nígbà tí àwọn ará oko ti ń pariwo lẹ́yìn wọn? Ẹṣin kò lè kọjá rárá. Ẹrù ọjà kò lè kọjá. Ẹni tó bá ní ẹrù, bodè ló máa gbà, oníbodè sì wà níbẹ̀, yóò béèrè ibi tó ti wá, yóò sì gba owó bodè. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ ju mi lọ bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe di ojú ọ̀nà ọjà mú títí dé ọdún 1892.

Ẹ̀dó_Nílé
Ti Bìní ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ gidi. Òyìnbó Dutch kan tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1602 sọ pé òun gun ẹṣin gba ẹnu-ọ̀nà wọlé, òun rí òkìtì ilẹ̀ gíga tó nípọn gan-an, yàrà rẹ̀ jìn ó sì fẹ̀, àmọ́ ó gbẹ, igi ńláńlá ló kún inú rẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà náà, igi ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ń tì í, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ rí i pé omi kò sí níbẹ̀. Igi ni wọ́n fi rọ́pò omi.

Tíṣà_Ìkòròdú
Igi nínú yàrà? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti pa á tì ni igi fi hù? Èmi ì bá rò pé ọ̀tá á fi igi gòkè.

Ìyá_Awalẹ̀
Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn ìlú Yorùbá mọ̀ọ́mọ̀ máa ń dá igbó sí yí odi wọn ká, igbó ilé ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Igbó dídí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tò sójú kan. Wọ́n ní láti wá ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọfà á sì ti máa bá wọn kí wọ́n tó rí odi. Igi inú yàrà náà sì ń bo ìsàlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn òde kò ní mọ bó ṣe jìn tó títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi yọ̀. Àmọ́ igi tó ti dàgbà ju ẹni tó gbìn ín lọ máa ń ya ògiri. Odi tí kò bá sí ẹni tó ń tún un ṣe, gbòǹgbò á jẹ ẹ́.

Pacheco Pereira náà, ará Pọ́túgà, kọ ní nǹkan bí ọdún 1505 pé Bìní kò ní odi, yàrà ńlá tó fẹ̀ tó sì jìn ló yí i ká, pé ìyẹn tó fún ìdáàbòbò rẹ̀. Ó tún sọ pé ìlú ńlá kan wà tí yàrà ńlá yí ká, Geebu, orúkọ aláṣẹ ibẹ̀ sì ni Agusale. Gbogbo wa mọ ẹni tí Agusale jẹ́.

Ọmọ_Òkèérí
Awùjalẹ̀! Nígbà náà, ẹ̀rí ti dé. Ní 1505, òyìnbó ti rí Erédò.

Ìyá_Awalẹ̀
Ó ti gbọ́ nípa yàrà kan ní Ìjẹ̀bú, mo gbà. Àmọ́ ìlú ló ní yàrà náà yí ká, Ìjẹ̀bú-Òde sì ní odi tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó kéré sí Erédò. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n sọ fún un? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́. Tí ẹ bá bi mí, mo rò pé odi ìlú ni, torí ẹni tó wọ ìlú ló máa rí ìyẹn, ẹni tó bá sì gba bodè Erédò nínú igbó lè má mọ̀ pé ó lọ títí. Mi ò ní bá yín jà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni ibi tí agbára àwọn odi yìí pin sí. Ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni wọ́n gbẹ́ wọn fún. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n pẹ̀lú ìbọn tó ń yìn léraléra, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Kejì 1897, wọ́n wọ Bìní. Odi tó ga tó mítà 17 láti ìsàlẹ̀ yàrà kò ṣe nǹkan kan sí ọta tó ń fò kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀dó_Nílé
Àwa tó wà nílé náà ló ń ba Iya jẹ́ báyìí. Ní àdúgbò wa, wọ́n ti da ìdọ̀tí kún apá kan Iya, àwọn kan sì ń kó ilẹ̀ òkìtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Inú mi máa ń bàjẹ́. Mo ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé àdúgbò, àwọn èèyàn ń gbọ́, wọn kò sì tíì ṣe nǹkan kan.

Tíṣà_Ìkòròdú
Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣèlérí pé ẹ ó padà sórí bí a ṣe ń mọ ẹnu-ọ̀nà àtijọ́. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọ̀nà tó gba Erédò kọjá pọ̀: ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà oko, ọ̀nà àwọn agégẹdú. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ti wà látìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Awalẹ̀
Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnu-ọ̀nà sílẹ̀, wọn kì í gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, yàrà á dúró níhìn-ín, á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tí wọ́n là lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ní láti da erùpẹ̀ sínú yàrà kí wọ́n tó lè kọjá, tàbí kí wọ́n gé òkìtì wó sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà níbi tí òjò ti gé e. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tò bó ṣe tò ní ilẹ̀ tó yí i ká, dúdú lókè, pupa nísàlẹ̀, tí yangí rẹ̀ sì le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu-ọ̀nà àtijọ́. Bó bá jẹ́ àdàlù, pupa lórí dúdú, tí ẹ rí ike tàbí bíríkì nínú rẹ̀, wọ́n dà á síbẹ̀ ni.

Ẹ tún wo òkìtì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibi tí wọ́n bá fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, òkìtì máa ń rọra wálẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu-ọ̀nà. Ibi tí katakata gé, òkìtì á dá gbọọrọ, ìpele erùpẹ̀ rẹ̀ á sì hàn kedere lójú ibi tí wọ́n gé. Ẹ má gbẹ́ nǹkan kan o, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gun òkìtì. Ojú ibi tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ tó fún yín.

Èyí tí ẹgbẹ́ kan kò parí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n yóò ga ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Kò ní dọ́gba pẹ̀lú ojú ilẹ̀ bíi ti ẹnu-ọ̀nà.

Awakànga
Tíṣà, tí ẹ bá ń lọ, ẹ pè mí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń gún ilẹ̀ kí n tó gbẹ́ kànga. Ilẹ̀ tí wọ́n dà máa ń jẹ́ kí irin wọlé wẹ́rẹ́, ilẹ̀ tí kò tíì yẹsẹ̀ rí kì í jẹ́. Bí Ìyá bá gbà pé ìyẹn kò ní ba nǹkan jẹ́, mo lè gún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò.

Ìyá_Awalẹ̀
Lórí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kò burú, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ ibẹ̀. Ẹ má gún òkìtì tàbí ìsàlẹ̀ yàrà. Kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ gún sílẹ̀ àti bí irin ṣe wọlé tó.

Ọmọ_Òkèérí
Mo máa bá yín rí baálẹ̀. Ẹ̀yìn ìkórè ni kí ẹ wá, nígbà tí koríko bá ti gbẹ tí ẹ̀gbẹ́ yàrà sì hàn. Ọ̀nà oko mẹ́ta ni mo mọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ pé bodè ló wà níbẹ̀. A ó gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.